Iṣẹ́ Méjì Dé, Ẹyọ Kan Lèèyàn Ń Gbà: Bí A Ṣe Ń Kọ Ímeèlì sí Èyí Tí A Ò Ní Ṣe

Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba èèyàn kì í sábà ní orúkọ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn tó jókòó síbẹ̀ á to orúkọ sílẹ̀: ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì, nígbà mìíràn ẹni kẹta. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n á kọ̀wé sí pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Wọn ò ní tíì sọ fún ẹni kejì pé kò rí i gbà. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, wọ́n á máa retí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ máa sọ. Bó bá gbà, wọ́n á kọ lẹ́tà "ẹ kú ìgbìyànjú" sí ẹni kejì. Bí kò bá gbà, ẹni kejì ni wọ́n á pè, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ò bá tíì já a gbà.

Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ohun tí lẹ́tà ìkọ̀ṣẹ́ wà fún. Ó wà láti tú ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè tètè pe ẹni kejì kó tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn dára níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà aládùn tó pẹ́ kó tó dé, tàbí tó dé tí kò yéni, pa wọ́n lára ju lẹ́tà gbẹrẹfu tó tètè wọlé lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ fi máa ń rántí ẹni tó kọ iṣẹ́ wọn dáadáa sí rere. Kò fi àkókò wọn ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọbìnrin oníṣirò owó kan n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ inú páálí n'Ìbàdàn níbẹ̀ kọ̀wé sí i lọ́jọ́ Ajé pé àwọn ti gbà á: ₦380,000 lóṣù, kó fèsì kó tó di òpin iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́rú, lẹ́tà mìíràn dé láti Ìkẹjà, níbi tó ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú: ₦450,000, ipò tó fi ìpele kan ga ju ti Ìbàdàn, wọ́n á sì máa bá a san owó ìdánwò ICAN tó kù fún un. Ti Ìkẹjà ló mú. Ó wá ku lẹ́tà Ìbàdàn láti kọ.

Kí ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ èèkù idà

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Kí ọmọbìnrin náà tó kọ ohunkóhun sí Ìbàdàn, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ti Ìkẹjà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìpè orí fóònù tó ní "a ti mú ẹ, lẹ́tà ń bọ̀" ò tíì tó. Lẹ́tà gan-an ló ń wò: orúkọ ipò náà, iye owó oṣù, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tó láṣẹ láti gbà á. Ó buwọ́ lù ú, ó fi ránṣẹ́ padà, ó sì dúró kí wọ́n dáhùn pé ó ti tẹ àwọn lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò. Púpọ̀ lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ nílẹ̀ wa ní "bí" nínú: bí onídùúró méjì bá buwọ́ lùwé, bí ìwé ẹ̀rí bá jóòótọ́, bí ibi iṣẹ́ àtijọ́ bá jẹ́rìí ire, bí dókítà bá ní ara le. "Bí" wọ̀nyí ò dọ́gba. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí òun mọ́, ó sì ti bá àwọn méjì tó máa dúró fún un sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò yẹ kó tìtorí rẹ̀ dá Ìbàdàn dúró. Ṣùgbọ́n ká ní lẹ́tà Ìkẹjà sọ pé "bí olú ilé iṣẹ́ bá fọwọ́ sí owó ipò yìí," ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, ipò náà fúnra rẹ̀ ò sì tíì dájú. Ńṣe ló yẹ kó ní sùúrù títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i.

Bí ọjọ́ tí Ìbàdàn dá bá fẹ́ pé kí ti Ìkẹjà tó gún régé, ohun tó tọ́ ni kó bèèrè àfikún ọjọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ẹ lè fún mi títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n lè fún yín ní èsì tó dájú?" Ilé iṣẹ́ lè gbà, ó sì lè kọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa kà á sí àfojúdi. Ohun tí wọ́n á kà sí àfojúdi ni kó buwọ́ lu ìwé Ìbàdàn láti fi dì í mú lásán, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti wà n'Ìkẹjà.

Lẹ́tà tó dùn tí kò sọ nǹkan kan

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn tí Ìkẹjà ti dáhùn, ó jókòó láti kọ̀wé. Irú ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ èèyàn nìyí:

> Ẹ kú iṣẹ́ o mà, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa. Mo dúpẹ́ púpọ̀púpọ̀ fún àǹfààní ńlá tí ẹ fún mi, inú mi dùn kọjá àlà. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yìí, ó sì jọ pé pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí báyìí, ó lè ṣòro díẹ̀ fún mi láti wá. Mo mọ̀ pé á yé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọlọ́run á túbọ̀ máa gbé iṣẹ́ yín ga.

Kò sí àrífín kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ sí ipò obìnrin tó ń mójútó òṣìṣẹ́ n'Ìbàdàn, tí ìwé yìí wọlé sí lọ́wọ́. "Ó lè ṣòro díẹ̀." Ṣé ọ̀nà ló jìn sí i ni? Ṣé owó ni? Ṣé ọkọ rẹ̀ ló kọ̀? Ó ti kà á pé ẹni tó ń wá ẹ̀kúnwó ló ń fọgbọ́n sọ̀rọ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ mánéjà lọ, wọ́n fi ₦30,000 kún un, ó tẹ ọmọbìnrin náà láago, kò bá a. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó dọjọ́ Ajé kó tó gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ti gba iṣẹ́ síbòmíràn. Ẹni kejì tó wà lórí ìwé ti lọ síṣẹ́ tirẹ̀ nígbà yẹn.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Òtítọ́ ni láàárín àwọn tó mọ ara wọn, tí wọ́n ń rí ojú ara wọn, tí wọ́n sì mọ ohun tó ń ṣe ara wọn nílé. Ẹni tó ń ka ímeèlì ò rí ojú wa, kò sì mọ ilé wa. Odindi ọ̀rọ̀ ló yẹ kó bá nínú rẹ̀.

Lẹ́tà tó tú wọn sílẹ̀

Ó pa èyí rẹ́, ó tún un kọ:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.
>
> Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún iṣẹ́ oníṣirò owó tí ẹ fi lọ̀ mí nínú lẹ́tà yín ti ọjọ́ Ajé. Mo ti rò ó dáadáa, mi ò ní lè gbà á, nítorí mo ti gba iṣẹ́ mìíràn tó bá ibi tí mo ń lọ nínú iṣẹ́ yìí mu. Mo ti buwọ́ lùwé níbẹ̀, torí náà ẹ lè fi ipò náà fún ẹlòmíràn.
>
> Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mánéjà ẹ̀ka ìṣirò tó mú mi yíká ilé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n sì ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ka ẹrù ní òpin oṣù. Mo kọ́ nǹkan níbẹ̀.
>
> Mo mọ̀ pé ẹ ti lo àkókò lórí ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú sí wàhálà tí èyí bá dá sílẹ̀. Ire ni mo ń fẹ́ fún yín àti ilé iṣẹ́ yín.

Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń kọ̀wé síra wọn, òun náà sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Egungun lẹ́tà náà kò ní yí padà.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ àti lẹ́tà tó ń dáhùn. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn lè máa gbani sí ipò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì yẹ kó máa wá ìwé kiri kó tó mọ èyí tí wọ́n ń bá a sọ.

Gbólóhùn kejì ni ọ̀rọ̀ gan-an. "Mi ò ní lè gbà á" ò ní "bóyá" nínú, kò ní "ó jọ pé." Ìdí rẹ̀ náà tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì kúrú: iṣẹ́ mìíràn. Ìdí yìí ló rọrùn jù fún ilé iṣẹ́ láti gbà, torí pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta wá ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá kà á mọ̀ pé ẹ̀kúnwó ò ní yí nǹkan padà, ó sì lè gbé fóònù pe ẹni kejì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdúpẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ibi tí ẹwà lẹ́tà náà wà. "Mo dúpẹ́ fún àǹfààní ńlá" lè wà nínú lẹ́tà ẹnikẹ́ni sí ilé iṣẹ́ yòówù. Ilé ìkẹ́rùsí àti kíka ẹrù ní òpin oṣù ò lè wà nínú ti ẹlòmíràn. Mánéjà tó bá kà á mọ̀ pé ọmọ yìí fetí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá rí irú ohun bẹ́ẹ̀ dárúkọ, kó fi ìdúpẹ́ kan ṣoṣo tó wà lókè mọ, kó má fi àsọdùn dí àyè.

Ohun tí kò sí níbẹ̀

Kò dárúkọ ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, kò sì sọ iye owó tí wọ́n fẹ́ san. Bí iye owó bá ti wọ inú lẹ́tà, ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ ilé iṣẹ́ tuntun náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti pe ẹni kejì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, ó lè ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀ ná, mà."

Kò parọ́ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn fẹ́ padà sílé ẹ̀kọ́, tàbí pé ara ìyá àwọn ò yá, nítorí wọ́n rò pé ó rọ̀ ju òtítọ́ lọ. Lóṣù kejì, orúkọ ilé iṣẹ́ tuntun á ti wà lójú ewé wọn lórí LinkedIn, àwọn tó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò á sì rí i. Nígbà yẹn, kíkọ̀ tí wọ́n kọ iṣẹ́ ò ní jẹ́ nǹkan mọ́, irọ́ yẹn ni wọ́n á máa rántí.

Ó sì lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ṣe ohun tó dùn ún: pé wọ́n mú un dúró wákàtí méjì lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tàbí pé ẹnì kan bi í ní ìbéèrè nípa oyún tí kò yẹ kó béèrè. Ẹ̀sùn ní ibi tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀. Bó bá wọ inú lẹ́tà yìí, wọ́n á rò pé ìbínú ló jẹ́ kó kọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì di àlàyé.

Fífi ránṣẹ́

Ìdáhùn sí ímeèlì tí wọ́n fi gbà á ni kó fi ṣe, kó má bẹ̀rẹ̀ tuntun. Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ á wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ṣí i á sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún ń gbani lọ́wọ́ ewu kan: ẹni tó ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ méjì lọ́sẹ̀ kan náà lè fi orúkọ Ìkẹjà sínú lẹ́tà Ìbàdàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbọ́n dáadáa. Nínú Gmail, ààyè wà láti fa ímeèlì padà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 30 ló pọ̀ jù tó lè gbà, ìyẹn náà bí a bá ti lọ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Kíkà á sókè lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ dájú jù.

Ẹni tó kọ lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú àwọn tí ẹni náà fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí nígbà yẹn. Wáàsáàpù nìkan ò tó, nítorí ilé iṣẹ́ nílò ohun tí wọ́n lè fi sínú fáìlì. Bó bá jẹ́ mánéjà fúnra rẹ̀ ló fóònù láti fún un ní ìròyìn ayọ̀ náà, ó dára kó kọ́kọ́ pè é, kí ímeèlì tẹ̀ lé e láàárín wákàtí kan. Àárọ̀ tàbí ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù. Èyí tó bá wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì á jókòó títí di ọjọ́ Ajé.

Ní ilẹ̀ wa, ẹnì kan tún wà tó yẹ kó gbọ́ ṣáájú ilé iṣẹ́: ẹni tó bá wa mú ìwé lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ tàbí ọ̀rẹ́ bàbá ẹni ló bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀, orúkọ tirẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò dáa kó jẹ́ lẹ́nu ọ̀gá yẹn ló ti máa gbọ́. Fóònù ni ti irú wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ sà. Àwọn tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn ti gbà mí o, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó wà l'Ékòó náà dé, òun ni mo mú. Mo ní kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí n tó kọ̀wé sí wọn." Òun náà á lè rọra sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀, ojú ò sì ní tì í bí wọ́n bá pàdé níbi àríyá.

Bó bá ti buwọ́ lùwé n'Ìbàdàn ńkọ́?

Títí di ibí yìí, ọmọbìnrin náà ò tíì gba ti Ìbàdàn. Iṣẹ́ tí wọ́n fi lọni tí a ò tíì gbà ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bó bá ti buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ti Ìkẹjà tó dé, àdéhùn ti wà láàárín wọn nìyẹn, lẹ́tà tó máa kọ ò sì ní jẹ́ ti ìkọ̀ṣẹ́ mọ́. Ìjáde ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni kó ka ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ nípa ìfitónilétí. Abala 11 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọjọ́ kan ni ìfitónilétí fún àdéhùn tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, bí ìwé ò bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé ni òfin yẹn dìídì wà fún. Iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú bíi ti oníṣirò owó àgbà kì í sábà bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé tó buwọ́ lù ló máa dè é. Bí ìwé náà bá ní oṣù kan, tàbí owó oṣù kan dípò rẹ̀, wọ́n lè béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í lé ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gbójú lé ìyẹn.

Nínú lẹ́tà yẹn, àforíjì ló ń ṣáájú ìdúpẹ́. Á sọ gbangba pé òun ti gbà tẹ́lẹ̀, pé òun ń fa ọwọ́ òun padà, á sì dá ohunkóhun tó ti gbà lọ́wọ́ wọn padà, ì báà ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tàbí owó ọkọ̀. Fóònù gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bó ti wù kó kọ ọ́ dáadáa tó, àwọn kan n'Ìbàdàn ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọn ò sì jẹ̀bi.

Bí wọ́n bá tún padà wá

Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ á ka lẹ́tà tó ṣe kedere, wọ́n á ṣì dáhùn pé: "A lè san ₦460,000. Ṣé ẹ ò ní tún un rò?" Èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú ju lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ: "Ẹ ṣeun mà, ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n mo ti fún àwọn tọ̀hún lọ́rọ̀ mi, mi ò ní yí i padà." Bó bá kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rí ibi tí wọ́n á tún gbà wọlé.

Ká sọ tòótọ́, ẹ̀kúnwó máa ń dán èèyàn wò. Kó wá wò ó dáadáa kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan fóònù: ó ti buwọ́ lùwé n'Ìkẹjà, wọ́n sì ti dáhùn. Bó bá gba ₦460,000 ti Ìbàdàn, lẹ́tà ìjáde tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, pẹ̀lú fóònù rẹ̀, àforíjì rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìfitónilétí rẹ̀, Ìkẹjà ló máa kọ ọ́ sí.